Ìbéèrè mi lórí iṣẹ́ àṣetiléwá tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́

Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ sì kú iṣẹ́ o.

Mo dúpẹ́ fún ìpè yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ní sùúrù fún mi láti ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo ń ṣe lọ́wọ́ dáadáa, inú mi sì dùn sí i. Iṣẹ́ àyẹ̀wò dátà tí ẹ bá mi sọ yìí wù mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀ bí ẹ bá rí ìbéèrè tí mo kó wá yìí.

Ẹ sọ pé iṣẹ́ àṣetiléwá tí ẹ fi ń dán ẹni tó ń wáṣẹ́ wò ló kàn, pé kò le, pé ọjọ́ méjì ni a ó fi ṣe é. Mi ò ráyè béèrè síwájú sí i kí a tó dágbére.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Ṣé ẹ ó fi fáìlì kan ránṣẹ́ kí n tún dátà inú rẹ̀ ṣe, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí níbẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ìwé kan tàbí méjì? Àbí odindi dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ fẹ́ kí n kọ́ sínú Power BI? Ojoojúmọ́ ni mo ń lo Excel àti SQL, ṣùgbọ́n kò tíì ju ọdún kan lọ tí mo bẹ̀rẹ̀ Power BI, iṣẹ́ tí mo lè fi wákàtí méjì ṣe nínú SQL lè gbà mí ní mẹ́rin níbẹ̀. Bí dátà náà bá sì jẹ́ ti àwọn oníbàárà yín gan-an, ẹ bá mi yọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti BVN wọn kúrò kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, mi ò sì fẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lórí láptọ́ọ̀pù mi.

Ní ti àsìkò, ìgbà wo ni ọjọ́ méjì náà bẹ̀rẹ̀? Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Ring Road, n kì í sì í dé ilé ní Mọ́níyà ṣáájú aago méje. Iná ò sì dúró ládùúgbò wa. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, tí mo dá a padà ní àárọ̀ Ajé, ọkàn mi á balẹ̀ ṣe é. Ẹ tún bá mi sọ iye wákàtí tí ẹ rò pé ó yẹ kó gbà. Ṣé ẹnì kan lára àwọn òṣìṣẹ́ yín ti jókòó ṣe é rí, tó sì wo aago?

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan gbé irú iṣẹ́ yìí fún mi. Òru mẹ́rin ni mo fi ṣe é, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti ti dátà orí fóònù, àpò ara mi ló ti jáde. Títí di òní, wọn ò dá mi lóhùn, wọn ò tilẹ̀ sọ pé mi ò yege. Ó dùn mí púpọ̀, n kò sì fẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, bí iṣẹ́ náà ò bá ju wákàtí mẹ́ta lọ, màá ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣé ẹ máa ń sanwó fún àwọn tó ṣe é? Eélòó ni, ṣé ẹni tí ẹ kò gbà síṣẹ́ náà á rí i gbà? Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni mo ń gba fún iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún mi níta. Mi ò sọ pé iye yẹn ni kí ẹ san, kí ẹ kàn mọ ibi tí mo dúró sí ni. Bí ilé iṣẹ́ bá sì fẹ́ lo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìdánwò, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, torí lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022, bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, òun ló ni ín àyàfi tó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun gbé e sílẹ̀.

Bí kò bá sí owó níbẹ̀, tí iṣẹ́ náà sì pọ̀, mo ní àbá kan: kí èmi àti ẹnì kan nínú ẹ̀ka dátà yín jókòó fún wákàtí kan lórí Zoom, kí ó gbé ìṣòro kan síwájú mi, kí n yanjú rẹ̀ lójú rẹ̀. Mo tún lè fi iṣẹ́ mẹ́ta tí mo ti ṣe ránṣẹ́ sí yín.

Bí ó bá rọrùn fún yín láti pè ju kí ẹ kọ̀wé lọ, mo máa ń ráyè gbé fóònù láàárín aago méjìlá sí aago kan ọ̀sán. N kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà títí ẹ ó fi dá mi lóhùn.

Ẹ ṣeun mà.

Bùsọ́lá