Gààrí ìtọ́wò láti Ìjẹ̀bú, àti ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, ọdún 2026.

Sí Alhaja oní-gààrí, Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn.

Alhaja mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín, á sì jẹ́ kí ẹ túnu pẹ̀lú àlàáfíà, ẹ̀yin àti gbogbo ará ilé. Mo mọ̀ pé ẹnu yín wà ní dídì lọ́sàn-án, nítorí náà n kò retí pé kí ẹ tọ́ nǹkan kan wò lónìí. Ẹ kàn gba ẹrù náà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, kí ẹ gbé e síbi tí omi ò ti ní kàn án. Mo ti san owó ọkọ̀ níbí, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Gààrí náà fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Gààrí tí mo ṣèlérí nìyí nígbà tí mo wá sí ṣọ́ọ̀bù yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àpò mẹ́ta ni. Òwú tí a fi dì wọ́n lẹ́nu ni ẹ ó fi mọ̀ wọ́n.

Òwú funfun, kílò 10: ọjọ́ márùn-ún ni a fi jẹ́ kí èyí kan kí a tó yan án, kọ̀nkọ̀sọ̀ olójú kéékèèké ni a sì fi jọ̀ ọ́. Ó kúnná, ó kan dáadáa. Gààrí mímu ni mo fi ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi tẹ ẹ̀bà.

Òwú dúdú, kílò 10: ọjọ́ mẹ́ta ni èyí fi kan. Wóró rẹ̀ tóbi ju ti funfun lọ díẹ̀. Ẹ̀bà ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ń ṣe é.

Òwú pupa, kílò 2 péré: oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni a yan èyí, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ó sì ti wà nínú sítọ́ọ̀ wa láti ìgbà náà, nínú ọ̀rá, nínú àpò, lórí pákó. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀ ju ti àwọn méjì yòókù. N kò fi pa mọ́ fún yín. Mo fi í sí i kí ẹ lè rí bí ọjà wa ṣe ń rí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nítorí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, ti gbogbo èèyàn ló máa ń dára lójú.

Alhaja, ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé ẹnì kan kó àpò ogún wá fún yín, pé yanrìn ló kún inú rẹ̀, tí àwọn oníbàárà yín sì ń dá a padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi dán wa wò. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú abọ́ funfun, ẹ da omi púpọ̀ sí i, ẹ rò ó, kí ẹ wá rọra dà á kúrò títí tí yóò fi ku ìsàlẹ̀. Ẹ fi ìka ra ìsàlẹ̀ abọ́ náà. Bí ẹ bá gbọ́ ṣìkìṣìkì kankan lábẹ́ ìka yín, ẹ má wulẹ̀ lọ sí ìdánwò mìíràn. Ẹ pè mí. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń fọ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn tí a bá bó o kí ó tó dé ẹnu ẹ̀rọ, a kì í sì í tú gààrí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ó tutù. Orí tábìlì tí a fi aṣọ funfun tẹ́ ni. Ó yẹ kí ìsàlẹ̀ abọ́ yín mọ́.

Èkejì ni wíwú. Ẹ wá ife gílásì tí ojú ń rí inú rẹ̀, ẹ bu gààrí dé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tó dé, kí ẹ da omi tútù sí i kó kún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ṣe é fún èyí tí ẹ ń tà lọ́wọ́lọ́wọ́ náà, omi kan náà ni kí ẹ lò fún gbogbo wọn. Gààrí tó gbẹ tó sì yan dáadáa yẹ kó wú tó ìlọ́po mẹ́ta. Èyí tí kò bá gbẹ yóò kàn rọ̀ sílẹ̀ ni.

Fún ìtọ́wò, ẹ dúró di ẹ̀yìn ìṣínu, kí ẹ sì lo ẹnu àwọn ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ tiyín. Ẹ má sọ fún wọn èwo ni tiwa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mu ún láìsí ṣúgà, láìsí ẹ̀pà, láìsí kúlíkúlí, nítorí ṣúgà máa ń bo kíkan mọ́lẹ̀, kíkan yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ gààrí Ìjẹ̀bú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kíkan ọlọ́jọ́ márùn-ún tẹ́ àwọn ará Ìbàdàn lọ́rùn, àbí ó pọ̀ jù fún wọn. Ọjọ́ tó fi wà nínú àpò kó tó dé orí agbada ló fún un ní kíkan náà. A kò fi ohunkóhun sí i. Bí ẹ bá sọ pé kí á mú un wá sí ọjọ́ mẹ́rin, a ó mú un wá.

Fún ẹ̀bà, omi tó hó gan-an. Ẹ fi èyí tó kù sínú abọ́ tí ẹ dé títí di ìgbà sààrì, kí ẹ wá wò ó bóyá ó le tàbí ó ṣomi. Àwọn olóúnjẹ tó ń rà lọ́wọ́ yín yóò bi yín léèrè èyí kí wọ́n tó bi yín léèrè owó.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ nìyí, torí òun ni yóò sọ bóyá a lè jọ ṣòwò pẹ́: ẹ jẹ́ kí méjì nínú àwọn obìnrin tó ń fi kóńgò tà wọn òwú funfun àti òwú dúdú, kí wọ́n sì fi òkìtì sí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà. Mo wọ̀n ọ́n nílé. Kílò 10 ti funfun jẹ́ kóńgò mẹ́fà àbọ̀. Ti dúdú jẹ́ kóńgò méje. Gààrí tó bá kúnná máa ń fún pọ̀ nínú kóńgò ni. Ìdajì kóńgò lórí kílò 10 lè dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n lórí àpò kílò 50, kóńgò méjì àbọ̀ ni obìnrin náà kò ní rí tà, òun ló sì máa kọ́kọ́ kígbe sí yín lórí. Kóńgò tiwa sì lè má dọ́gba pẹ̀lú ti Bódìjà. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹ gba èmi gbọ́ lórí èyí, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín náà, iye owó funfun àti dúdú kò lè jẹ́ ọ̀kan náà, a ó sì jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ẹ bá mi pín òwú pupa sí méjì. Ẹ so ọ̀kan pa, ẹ ṣí ẹnu èkejì sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù títí di ọjọ́ tí ẹ ó fún mi lésì. Nígbà náà, ẹ fi ọwọ́ fún un, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ wo kòkòrò. A kò fi oògùn kòkòrò kankan sínú gààrí wa, gbígbẹ nìkan la gbára lé. Mo gbé funfun àti dúdú lọ fún àyẹ̀wò: omi inú funfun jẹ́ ìdá 8 nínú 100, ti dúdú jẹ́ ìdá 9. Ìlànà àgbáyé fún gààrí ní kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 lọ. Ìwé èsì náà wà nínú àpò olówùú funfun, pẹ̀lú ìwé iye owó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà nínú rẹ̀. A ṣì wà lẹ́nu ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC fún ọ̀rá kílò kan àti kílò méjì, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọjà tí kò ní nọ́ńbà lórí káńtà yín.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fún mi lésì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí ẹ̀yìn ìtúnu ààwẹ̀, kí n má baà fi iṣẹ́ dí yín lọ́wọ́ nínú ọjà ọdún. N kò lè fi kọjá ọjọ́ náà, torí òjò ló ń bọ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ẹ̀gẹ́ á máa rúwé tuntun, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ á dínkù, ẹ̀gẹ́ tó pọ̀ ni a ó sì fi rí àpò gààrí kan. Mo fẹ́ yan tiyín nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì dára. Bí mo bá gbọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, àpò ogún àkọ́kọ́ lè dé Bódìjà kí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin tó parí, owó tó wà lórí ìwé náà kò sì ní yí padà. Bí n kò bá gbọ́, n ó yan fún àwọn oníbàárà wa ti tẹ́lẹ̀, àwa méjèèjì á sì tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó nígbàkígbà tí ẹ bá ṣetán.

Èsì náà kò ní láti gùn. Ohùn lórí Wasáàpù ti tó: èwo nínú funfun àti dúdú ni ẹ fẹ́, kóńgò mélòó ló jẹ́ lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ rí yanrìn, àti àpò mélòó lóṣù ni ẹ rò pé ẹ lè gbé. N ó pè yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 24, kìkì láti béèrè bóyá nǹkan kan ò yé yín. Bí ìdáhùn yín bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀, kí ẹ sọ ibi tí ó kù sí. Obìnrin mọ́kànlá ló ń yan gààrí níbí, n ó ka ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí bí ẹ bá ṣe sọ ọ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti àwọn ọmọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Tọ́pẹ́,
ibi ìyangààrí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó.

Mo gbàgbé: bí òwú bá já lójú ọ̀nà, ẹ wo inú àpò. Mo fi ìwé kékeré sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ àwọ̀ òwú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a yan án sí i.