Ohun tí a ó gbé jáde ní Oṣù Kẹwàá 2026: jíìmù wa, ọ̀nà Ìsàwọ̀, Àgríìkì, Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ohun tí màá gbé sórí Ínsítágíráàmù àti Wọ́ọ̀ṣáàpù wa lóṣù yìí nìyí. Mo ti kọ ọ́ tán, kí ẹ kà á, kí ẹ fọwọ́ sí i. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, mẹ́ta péré la fi polówó. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹni tó bá ń rí "ẹ wá sanwó" lójoojúmọ́ yóò fojú fò wá bí ìgbà tí èèyàn ń fojú fo àwọn tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí nínú bọ́ọ̀sì. Ohun tí mo kọ sínú àkámọ́, ẹ̀yin àti Kóòṣì nìkan ló wà fún.

TỌ́SÌDEÈ 1

Ẹ kú ọdún òmìnira o, ará Ìkòròdú!

Láti 1960 la ti gba òmìnira, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń sọ pé irin gbígbé kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ẹ bá wa bi Adijat Ọlárìnóyè tó gba wúrà fún Nàìjíríà níbi ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì 2022, ní ìsọ̀rí kílò 55. Ẹ bi Rafiatu Fọláṣadé Lawal tó gba tiẹ̀ níbi ìdíje kan náà, ní ìsọ̀rí kílò 59. Ẹ bi Fọláṣadé Olúwafẹ́miáyọ̀ tó gba wúrà nínú ìdíje àwọn tó ní ìpèníjà ara ní Tókíò, tó tún lọ gbà á ní Párísì.

Jíìmù ṣí lónìí láti aago méje àárọ̀ títí di méjìlá ọ̀sán. Obìnrin wo lẹ mọ̀ tó lágbára jù nínú ẹbí yín? Ẹ dárúkọ oyè rẹ̀ nísàlẹ̀. Tiwa ni Ìyá Àgbà tó ń gún iyán fún ogún èèyàn.

SÁTIDÉ 3

(Fídíò ìṣẹ́jú kan. Kóòṣì ni yóò ṣe gbogbo wọn, kí ó sá máa pààrọ̀ fìlà.)

Irú àwọn tí ẹ ó bá ní jíìmù:

Alága Fóònù. Ó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì láti ìrọ̀lẹ́, kò tíì gbé nǹkan kan. Tí ẹ bá ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti parí?", á ní "ó ku ẹyọ kan."

Baba Aláriwo. Irin kílò márùn-ún, igbe kílò ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó forúkọ sílẹ̀ ní Tọ́sìdeè, ní Sátidé ó ti ń kọ́ Kóòṣì níṣẹ́.

Ẹni Ọ̀la. "Kóòṣì, Mọ́ńdè ni mo ń bọ̀." Mọ́ńdè wo? "Èyí tó ń bọ̀ yìí." Kóòṣì ti ṣègbéyàwó, ó ti bímọ, Mọ́ńdè ò tíì dé.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí.

MỌ́ŃDÈ 5

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kí ẹ lè kọjá Máìlì 12 kí gó-sìló tó di: a ò ní sọ pé kí ẹ tún wá sáré kílómítà márùn-ún.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìjókòó pípẹ́ ń ṣe. Nígbà tí èèyàn bá ń rìn, iṣan ẹ̀yìn ojúgun ló ń bá ọkàn ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Tí a bá jókòó pa sínú bọ́ọ̀sì, iṣan yẹn kì í ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara á máa rọ́ sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń wú, tí bàtà tó gba ẹsẹ̀ yín láàárọ̀ fi ń fún yín lálẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì: ẹ fi ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wá gbé ìka ẹsẹ̀ sókè. Ẹ ṣe é ní ogún ìgbà, kí ẹ tún un ṣe bí ọkọ̀ bá tún dúró. Ẹni tó jókòó tì yín ò ní mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpákòdò, gìgísẹ̀ nìkan o, ẹ má dìde, ẹ má sì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ara yín.

Nílé, kí ẹ tó fìdí kan àga: ẹ fi orúnkún kan kúnlẹ̀ sórí ìrọ̀rí, kí ẹsẹ̀ kejì wà níwájú. Ẹ rọra ti ìbàdí síwájú títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára níwájú itan. Ẹ ka oókan dé ọgbọ̀n, kí ẹ yí ẹsẹ̀ padà. Ibẹ̀ ló máa ń gan jù lára ẹni tó ń jókòó.

Ẹ fi pamọ́, ẹ ó nílò rẹ̀ lọ́la.

WẸ́SÌDEÈ 7

"Kóòṣì, ikùn yìí nìkan ni mo fẹ́ kó lọ o. Ẹ má fọwọ́ kan ìdí mi."

À ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èèyàn ò lè yan ibi tí ọ̀rá yóò ti yọ́. Bí ẹ bá ń dùbúlẹ̀ dìde ní igba ìgbà lójúmọ́, iṣan abẹ́ ikùn á le, àmọ́ ọ̀rá tó bò ó mọ́lẹ̀ ò ní gbọ́. Oúnjẹ tó dínkù díẹ̀, ìrìn tó pọ̀ sí i, irin gbígbé, oorun tó tó: àpapọ̀ wọn ló ń dín ọ̀rá kù káàkiri ara, ikùn á sì gba tiẹ̀. Ẹni tó bá ta tíì ayọ́kùn fún yín, owó yín ló yọ́.

FÚRÁÌDEÈ 9 (ìpolówó kìíní)

Eélòó ni? Ó yá, ẹ wò ó:

Oṣù kan: ₦15,000
Ọjọ́ kan ṣoṣo: ₦1,500
Oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan: ₦40,000
Owó ìforúkọsílẹ̀: kò sí

Aago márùn-ún ìdájí la ń ṣí, mẹ́sàn-án alẹ́ la ń tì, Mọ́ńdè sí Sátidé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yín, Kóòṣì yóò bá yín jókòó, á bi yín nípa ìlera yín kí ẹ tó fọwọ́ kan irin kankan. Ọ̀nà Ìsàwọ̀, l'Ágríìkì. Ẹ fi "MO Ń BỌ̀" ránṣẹ́ sí wa lórí Wọ́ọ̀ṣáàpù.

(Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnikẹ́ni bá tún bèèrè iye lábẹ́ èyí, ẹ má sọ pé kó wá bá yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ dá a lóhùn níbẹ̀. Ẹni tí a bá fi iye pa mọ́ fún máa ń rò pé ó wọ́n.)

MỌ́ŃDÈ 12

A ò ní kí ẹ má jẹ ẹ̀bà mọ́. Ìkòròdú nibí.

Ohun tí a ń sọ ni pé kí abọ́ yín má jẹ́ ẹ̀bà mẹ́ta sí ẹja kan tó fara pamọ́. Ẹ̀bà tó tó ìkúùkù yín, ẹ̀fọ́ tó pọ̀, ẹja tàbí ẹran tó hàn lójú. Tówó ẹja ò bá sí, ẹ̀wà wà, ẹyin náà wà: ẹyin kan ní pùrótéènì bíi gíráàmù mẹ́fà. Ohun tó máa ń sá pa mọ́ jù lọ ni epo. Gíráàmù gààrí kan fún ara ní kálórì tí kò ju mẹ́rin lọ, gíráàmù epo tàbí òróró kan fún un ní mẹ́sàn-án. Ẹ̀bà la ń bú, epo tó ń léfòó lókè ọbẹ̀ ló lẹ́bi.

WẸ́SÌDEÈ 14

(Ìbò lórí sítátọ́ọ̀sì, kò gba àlàyé.)

Orin wo ni kí Kóòṣì fi sí i láàárọ̀ ọ̀la? Fújì, àbí Áfúróbíìtì? Ẹ̀gbẹ́ tó bá pàdánù ni yóò kọ́kọ́ gun tírẹ́dímìlì.

SÁTIDÉ 17

(Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n ní ká má dárúkọ àwọn, ká sì má ya ojú àwọn. Ọwọ́ wọn àti agbada la ó yà.)

Màmá yìí ń ta ẹja. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbé agbada lọ, wọ́n ti gbé e bọ̀. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé wá, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ọmọ mi, mi ò wá síbí torí ìrísí o. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, dókítà ní kí n máa lo ara mi."

Kóòṣì ò gbé irin lé wọn lọ́wọ́. Àga ló gbé kalẹ̀: ẹ dìde, ẹ jókòó, ẹ dìde. Ìgbà tí ìyẹn rọrùn ló wá ní kí wọ́n gbé agbada òfìfo bí wọ́n ṣe máa ń gbé e lọ́jà. Ẹsẹ̀ gbọnrangandan, ẹ̀yìn ti ká. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é bó ṣe kọ́ wọn. Ẹ sún mọ́ ẹrù dáadáa, kí ẹsẹ̀ fẹjú díẹ̀. Ẹ ti ìdí sẹ́yìn, kí ẹ tẹ orúnkún, kí àyà wà níta. Ẹ jẹ́ kí ẹrù súnmọ́ ara yín bí ẹ ṣe ń gbé e, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi yí, kì í ṣe ìbàdí.

Ní báyìí, Màmá ló ń kọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. "Ẹ má fi ẹ̀yìn gbé e! Ṣé ẹ̀yìn náà lẹ fi ń rìn ni?"

MỌ́ŃDÈ 19

Ẹ wá sí jíìmù ní Sátidé, lónìí ẹ ò lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣan tí kò mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ máa ń ro lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà á lọ. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ sùn, ẹ padà wá pẹ̀lú irin tó fúyẹ́.

Àmọ́ ìrora tó gún yín lójijì bí abẹ́rẹ́ láàárín iṣẹ́, oríkèé tó wú, àyà tó ń dùn, òòyì tó ń kọ́ yín: ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti àyà, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe Kóòṣì.

TỌ́SÌDEÈ 22 (ìpolówó kejì)

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa obìnrin: Sátidé yìí, aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ ni jíìmù. Obìnrin ni yóò kọ́ yín. Hìjáàbù ò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Àyè mẹ́wàá ló wà, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi "OBÌNRIN" ránṣẹ́ ló ni ín.

SÁTIDÉ 24

(Fídíò. A ti ní i nínú fóònù Kóòṣì.)

Ìgbà tí NEPA mú iná nígbà tí o wà lórí tírẹ́dímìlì: ara dúró, ẹ̀mí ṣì ń sáré lọ sí Ṣágámù.

MỌ́ŃDÈ 26

Òjò àrọ̀kúrò ti ní ká má jáde. Kò burú. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tó kún nílé yín, irin kílò márùn-ún ni.

Ẹ gbé e mọ́ àyà, ẹ jókòó dìde lórí àga: mẹ́wàá. Ẹ tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ẹ̀yìn tó tọ́, ẹ fà á wá sí ìhà: mẹ́wàá lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e dání lọ́wọ́ kan, ẹ rìn yípo pálọ̀, kí èjìká má tẹ̀. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dé ìdérí rẹ̀ dáadáa o.

WẸ́SÌDEÈ 28

Ìgbà mélòó ló yẹ kí n wá lọ́sẹ̀? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mú èémí yára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì fi iṣẹ́ tó ń mú iṣan le kún un lọ́jọ́ méjì, ó kéré tán. Ìrìn kíákíá láti ilé dé ibùdókọ̀ wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹ wá lọ́jọ́ méjì, ẹ fi ẹsẹ̀ yín ṣe ìyókù. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́.

SÁTIDÉ 31 (ìpolówó kẹta)

Ẹni Ọ̀la, Mọ́ńdè ti dé o!

Láti Mọ́ńdè 2 sí Sátidé 7 Oṣù Kọkànlá, bí ẹ̀yin mẹ́ta bá jọ forúkọ sílẹ̀ fún oṣù kan, ₦36,000 lẹ ó san dípò ₦45,000. Ẹ lè jẹ́ ará ilé kan, ẹlẹ́gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsálátù, tàbí àwọn tí ẹ jọ ń wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ mú owó wá, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí a ó fún yín lórí Wọ́ọ̀ṣáàpù, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ọ̀nà Ìsàwọ̀, l'Ágríìkì. Aago márùn-ún ìdájí, ilẹ̀kùn á ti ṣí.