Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Orúkọ

Ọdún 2022 ni bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àyánṣọlá ní Èbúté Mẹ́ta, nínú àgbàlá kan tí kò jìnnà sí ọjà Òyìngbò, lẹ́yìn ohun tí mo fi ìyáàlù ṣe níbi ìnáwó òkú kan ní Múṣín. Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà náà. Ìdílé Àyàn ni wọ́n bí wa sí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ dánfó ni bàbá mi ń wà, èmi náà sì fúnra mi kọ́ ìlù lílù láti ojú fóònù àti láti ẹ̀yìn àwọn onílù tó ń lọ sóde ní àdúgbò wa. Ọwọ́ mi yá púpọ̀. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ òde Múṣín yìí, ẹnì kan sọ fún mi létí pé ọkùnrin tó wọ sányán, tó jókòó sí iwájú, ń jẹ́ Adébáyọ̀, pé ó lówó, pé kì í sì í ṣahun sí onílù. N kò bèèrè ohunkóhun mọ́. Mo sáré lọ dúró níwájú rẹ̀, mo fún ọ̀sán ìlù mọ́ ìhà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ rẹ̀ léraléra, Adébáyọ̀, Adébáyọ̀, pẹ̀lú àrà oríṣiríṣi láàárín. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, àwọn obìnrin tó jókòó tì í sì bú sẹ́kún. Ó dìde, ó fi àga sílẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó gbọ́ pé ogójì ọjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé tí àbúrò rẹ̀ kú, àti pé Akíntáyọ̀ ni àbúrò náà ń jẹ́. Bàbá mi gba ìlù lọ́wọ́ mi nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà sílé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bàbá Àyánṣọlá gbọ́ ìtàn náà dópin láì dá sí i. Ó jókòó lórí àpótí lábẹ́ òrùlé páànù, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan síwájú nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ìyáàlù rẹ̀ sì wà lórí àga kan tó ga ju tiwa lọ, tí ṣaworo rẹ̀ ń tàn. Nígbà tí bàbá mi dákẹ́, ó kọjú sí mi.

“Fi imú kùn Adébáyọ̀ fún mi, má la ẹnu.”

Mo kùn ún.

“Kùn Akíntáyọ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì dúró lójú kan náà. Ohùn kan náà ni. Àárín ló bẹ̀rẹ̀, ó gòkè lẹ́ẹ̀mejì, ó wá já sílẹ̀ ní ìparí. N kò tíì ronú sí i rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

“Ìlù kò ní ètè, kò ní eyín,” Bàbá wí, “kò lè pe dé, kò lè pe kín. Ohùn nìkan ló ní. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa kì í fi í pe orúkọ ènìyàn kí wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. Oríkì ni wọ́n ń so mọ́ ọn, kí ẹni tí wọ́n ń pè lè mọ̀ pé òun gan-an ni. Ìwọ pe orúkọ, o kò sọ ti ta ni. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni ó sì máa gbọ́ orúkọ òkú rẹ̀ nínú rẹ̀.”

Bàbá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà mí. Ó ní òun ti gbà mí, ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ kan ìyáàlù títí òun yóò fi fúnra òun gbé e kọ́ mi léjìká. Ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó fa gúdúgúdú kan jáde, ìlù kékeré tó dà bí ọpọ́n, tí ìda dúdú wà láàárín ojú rẹ̀, ó kó ẹgba awọ méjì lé mi lọ́wọ́, ó sì ní kí n máa lu ohun kan ṣoṣo, láì fi àrà kankan kún un.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi lù ú. N kò ní tan ara mi jẹ kí n ní inú mi dùn sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń gba owó ní òde ìgbéyàwó ní Sùúrùlérè, èmi sì jókòó sínú àgbàlá, mo ń lu ohun kan náà, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Tí ọwọ́ mi bá fẹ́ sáré, Bàbá kì í bínú. Yóò kàn na ìka kan, yóò fi kan etí ìlù náà, ìyẹn sì ti tó fún mi láti mọ̀ pé mo ti kúrò lójú ọ̀nà.

Láàárín ìyẹn ló ń rán mi níṣẹ́ tí n kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Tí òjò oṣù kẹfà bá mú kí awọ ìlù rọ̀, yóò ní kí n gbé e sínú oòrùn, kí n sì máa fi ìka ta á níwọ̀nba ìgbà tí n óò fi mọ ìgbà tó jí. Tí ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn bá ń bọ̀, yóò ní kí n pa lílù tì kí n gbọ́ fèrè rẹ̀: ohùn rẹ̀ ga bó ṣe ń bọ̀, ó sì já sílẹ̀ lójú kan náà tó kọjá wa. “Fèrè kan náà ni,” ni Bàbá máa ń sọ. “Kí ló yí padà?” Ó pẹ́ kí n tó dáhùn pé bó ṣe ń rìn sí wa ni: ó ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá ń lọ.

Iṣẹ́ tí n kò lè gbàgbé ni ti Ìyá ẹlẹ́kọ. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni obìnrin náà máa ń gba iwájú àgbàlá wa kọjá lọ sí Òyìngbò pẹ̀lú agbọ̀n lórí, tó ń kéde pé “Ẹ̀kọ gbóná o!” Bàbá ní kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n má lù, kí n má fọwọ́ kan fóònù, kí n sì wá sọ ohun tó wí fún òun. Lọ́jọ́ kìíní mo wọlé, mo ní ó ní ẹ̀kọ gbóná. Bàbá ní, “N kò bi ọ́ lọ́rọ̀, ohùn ni mo bi ọ́.” Lọ́jọ́ kejì mo sọ pé ó ń gbé òpin gbóná sókè, ó sì ń nà án gùn kí o tó tẹ̀lé e. Bàbá kàn mirí lásán.

Lọ́jọ́ kẹta, bó ṣe dé iwájú wa, mo gbọ́ ohun mìíràn. Ó kéde bó ṣe máa ń kéde, ṣùgbọ́n kò gbé òpin ọ̀rọ̀ náà sókè mọ́. Ó jẹ́ kó ṣubú, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ nítorí apá kò gbé e mọ́. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá. Ó wo mi fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n lọ bá a, kí n kí i, kí n sì ra ẹ̀kọ márùn-ún. Nígbà tí mo bèèrè bí ilé ti rí, obìnrin náà gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó ní ọmọ òun obìnrin wà ní ìdùbúlẹ̀ láti àná, òun kò sì mọ̀ pé ẹnì kankan lè gbọ́ ọ lára òun.

“Ká ní ìyáàlù wà léjìká rẹ níjọ́ náà,” Bàbá bi mí lálẹ́, “kí lo máa lù fún un?”

N kò rí èsì kan fọ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ọwọ́ mi.

“Ó dára,” ó ní. Ó sì wọlé lọ sùn.

Ọdún 2023 ti ń lọ sópin nígbà tí wọ́n pe Bàbá sí òde ọjọ́ ìbí ìyá àgbà kan ní Yábàá, nínú gbọ̀ngàn kan. A jẹ́ márùn-ún: Bàbá lórí ìyáàlù, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì lórí kẹríkẹrì àti ìṣáájú, ẹnì kan lórí kànnàǹgó, èmi lórí gúdúgúdú. A ti lù fún bíi wákàtí méjì tí apá Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì. Ó dúró. Ó bọ́ apá ìlù náà lọ́rùn, ó sì gbé e kọ́ mi léjìká láàárín àwùjọ, láì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò ó lọ. Ọ̀sán rẹ̀ tí mo fọwọ́ bà ṣì gbóná láti ìhà Bàbá.

Lójú kan náà ni ẹgbẹ́ obìnrin kan wọlé, tí ìyá kan wà níwájú wọn, tó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn, tó wọ aṣọ òkè aláwọ̀ ewé. Ẹni tó ń darí ètò pe orúkọ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn: Màmá Adétáyọ̀. Kọ̀ǹgọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ orúkọ náà lọ́kàn mi, àárín, òkè, òkè, ìsàlẹ̀, mo sì rántí sányán.

N kò lù. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn wá wò mí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bàbá fi orí ṣe àmì sí mi pé kí n bẹ̀rẹ̀, mo sì dúró síbẹ̀, tí òógùn ń ti orí mi wá. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, tí n kì bá ti gbọ́ ká ní mo ti ń lù, ọmọbìnrin kan tó jókòó ní ìtòsí ẹnu ọ̀nà kúnlẹ̀, ó sì wí pé, “Ẹ káàbọ̀, ọmọ Ìyẹ̀rú.” Ìyá náà gbé e dìde, ó dáhùn pẹ̀lú ohùn tó lọ́ra, tí àárẹ̀ ọ̀nà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìdùnnú sì wà lábẹ́ àárẹ̀ náà.

Mo fún ọ̀sán náà díẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ní ìwọ̀n bí ó ti ń rìn, mo sì so ti ilé rẹ̀ mọ́ ọn kí ohùn orúkọ náà tó tán: Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Olófà mọjọ̀, ìjàkadì lorò Ọ̀fà.

Ìyá náà dúró. Ó yí ojú padà, ó wá ibi tí ohùn náà ti wá. Ó wá gbé ọ̀pá rẹ̀ lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ó ká aṣọ òkè rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó, díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà, èmi náà sì ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo tó fiyè sí i pé gúdúgúdú kò dákẹ́. Ẹnì kan ń lù ú lẹ́yìn mi, ohun kan náà, láì fi àrà kankan kún un. Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá Àyánṣọlá ló jókòó síbi tí mo dìde, tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan síwájú, tó tẹ etí sílẹ̀, tó ń dúró de ohun tí n óò sọ tẹ̀lé e.