Káàdì Sitéṣàn Sẹ́kíìtì fún SS 1: Ara Ẹ Nìkan Lo Máa Lò

KÁÀDÌ ÀKỌ́KỌ́: Ka èyí kó o tó bọ́ sórí pápá

Ẹ̀yin ọmọ SS 1, eré tá a fẹ́ ṣe yìí kò gba irin, kò gba ẹ̀rọ, ara yín gan-an lẹrù tẹ́ ẹ máa gbé. Sitéṣàn mẹ́jọ la tò yí pápá ẹ̀yìn láàbù ká, kóònù kan àti káàdì kan ló wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin 48 ni, ẹni mẹ́fà mẹ́fà ló máa bẹ̀rẹ̀ ní sitéṣàn kan. Tí fèrè bá dún, ẹ ṣiṣẹ́ fún 30 sẹ́kọ́ńdì. Tó bá tún dún, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ lọ síbi tó kàn, ẹ ka káàdì ibẹ̀ kí 30 sẹ́kọ́ńdì míì tó pé. Tẹ́ ẹ bá yí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ po, ìṣẹ́jú 8 ti lọ nìyẹn, ẹ mu omi fún ìṣẹ́jú 2, ká tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, wàá rí BÍ A ṢE Ń ṢE É, wàá rí BÓ BÁ LE JÙ, wàá sì rí BÓ BÁ TI RỌ̀ JÙ. Ìwọ fúnra ẹ lo máa yan èyí tó o máa ṣe, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ. Tí fèrè bá dún tí fọ́ọ̀mù ẹ ṣì dáa, tó o sì mọ̀ pé o ṣì lè ṣe méjì tàbí mẹ́ta sí i, ibi tó yẹ ẹ lo wà. Tí fọ́ọ̀mù bá bàjẹ́ kí àkókò tó pé, sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, má dúró de tíṣà. Tó o bá ṣe ìpele kan dáadáa ní ìyípo méjèèjì fún kúláàsì méjì tẹ̀ léra, gòkè ní kúláàsì kẹta.

Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ kò kùnà rárá o. Ẹni tó ń ṣe púṣọ́ọ̀pù lára ògiri tó sì ń ṣe é bó ṣe yẹ, iṣẹ́ dé àyà ẹ̀ ju ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tó kàn ń mi ìdí sókè sódò lọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ lórí pápá yìí.

Tó o bá ní asimá, ínhélà ẹ gbọ́dọ̀ wà lápò ẹ, kì í ṣe nínú báàgì tó wà ní kíláàsì. Tí jẹnotáìpù ẹ bá jẹ́ SS tàbí SC, wá bá mi ní kọ̀rọ̀ kí kúláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí dókítà ẹ bá sọ la máa tẹ̀ lé, o lè sinmi nígbàkigbà, o lè mu omi nígbàkigbà, kò ní í sí pé ò ń bá ẹnikẹ́ni díje. Ẹni tó ń gbààwẹ̀, ìyípo kan péré, ìpele tó rọ̀. Tí àyà bá ń dùn ẹ, tí òòyì ń kọ́ ẹ, tàbí tí oríkèé kan gún ẹ ṣáá, jókòó síbẹ̀, kó o sì nawọ́ sókè.

KÁÀDÌ 1: Ìlóṣòó (itan àti ìdí)

BÍ A ṢE Ń ṢE É: Ya ẹsẹ̀ kó fẹ̀ tó èjìká ẹ, kí ìka ẹsẹ̀ dojú kọ ìta díẹ̀. Ìdí ni kó o kọ́kọ́ tì sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí, kí orúnkún wá tẹ̀ lé e. Lọ sílẹ̀ títí itan ẹ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba, kó o fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kó o dìde. Gìgísẹ̀ ò gbọdọ̀ gbéra. Wo orúnkún ẹ dáadáa: ibi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí lòun náà gbọ́dọ̀ kọjú sí, tó bá ti ń wọ inú lọ bá ìkejì ẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn tàbí kó jẹ́ pé o ti lọ sílẹ̀ jù.

BÓ BÁ LE JÙ: Jókòó sórí bẹ́ńṣì kó o dìde, láìfi ọwọ́ ti itan. Bíyẹn náà bá le, di òpó gólù mú, lọ sílẹ̀ dé ìdajì.

BÓ BÁ TI RỌ̀ JÙ: Ka ení, èjì, ẹ̀ta bó o ṣe ń lọ sílẹ̀, dúró níbẹ̀ díẹ̀, kó o tó dìde. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé ẹsẹ̀ kan sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ẹ kó o fi ìkejì lóṣòó, 15 sẹ́kọ́ńdì fún ẹsẹ̀ kan. Ẹni tó ti mọ gbogbo èyí tán lè fò sókè látorí ìlóṣòó, ṣùgbọ́n kó o balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, orúnkún á ti tẹ̀ kó o tó balẹ̀ tán. Tí mo bá ń gbọ́ gbì gbì, má fò mọ́.

KÁÀDÌ 2: Púṣọ́ọ̀pù (àyà, èjìká, ẹ̀yìn apá)

BÍ A ṢE Ń ṢE É: Fi àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀, kó fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀, na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí orí, ẹ̀yìn, ìdí àti gìgísẹ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Fún ikùn àti ìdí pọ̀. Sọ àyà kalẹ̀ títí á fi kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, kó o ti ara ẹ padà sókè. Ìgbọ̀nwọ́ kì í yà síta gbalaja o, kó fà sẹ́yìn díẹ̀ síbi ìhà, torí tó bá yà jù, èjìká ló máa jìyà ẹ̀.

Ọ̀pá mọ́ọ̀pù kan wà nídìí sitéṣàn yìí. Kí ẹnìkejì ẹ gbé e lé ẹ lẹ́yìn ní gbọọrọ kó o tó bẹ̀rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn orí, kó kan àárín èjìká, kó kan ìdí. Tí ìdí bá ga, ọ̀pá á kúrò lórí. Tí ìbàdí bá rì sílẹ̀, àlàfo ńlá á ṣí láàárín. Kí ó gbé e kúrò kó o tó máa lọ sílẹ̀.

BÓ BÁ LE JÙ: Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níbí, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá ẹ lára mu. Ti ògiri láàbù. Tó bá ti rọ̀, fi ọwọ́ lé bẹ́ńṣì (bẹ́ńṣì gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri kó má bàa yọ̀). Tó bá tún rọ̀, kúnlẹ̀ kó o ṣe é nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ara ṣì gún láti orí dé orúnkún. Èyí tó kàn ni kó o na ẹsẹ̀ tán, kó o sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìwọ̀n sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin, kó o wá kúnlẹ̀ kó o tó dìde. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ dé púṣọ́ọ̀pù gidi, ẹ má fò ó.

BÓ BÁ TI RỌ̀ JÙ: Sọ̀ kalẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta, dúró, kó o tó dìde. Tẹ̀ lé e: mú ọwọ́ méjèèjì súnmọ́ra lábẹ́ àyà. Tẹ̀ lé e: ẹsẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ọwọ́ nílẹ̀.

KÁÀDÌ 3: Sísáré lójú kan (ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró)

BÍ A ṢE Ń ṢE É: Sáré níbi tó o wà, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kó o máa balẹ̀ sí, kí ọwọ́ máa lọ kó máa bọ̀. O gbọ́dọ̀ lè sọ gbólóhùn kúkúrú kan fún ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ. Tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò bá ti jáde mọ́, dín in kù.

BÓ BÁ LE JÙ: Máa rìn bíi ti máàṣì pásì, gbé orúnkún sókè díẹ̀díẹ̀.

BÓ BÁ TI RỌ̀ JÙ: Gbé orúnkún dé ìbàdí, kó o yára.

KÁÀDÌ 4: Púláǹkì (ikùn àti ìbàdí)

BÍ A ṢE Ń ṢE É: Ìgbọ̀nwọ́ nílẹ̀ lábẹ́ èjìká gan-an, ẹsẹ̀ ní nínà, ara gún. Máa mí o, ọ̀pọ̀ yín ló máa ń sé èémí mọ́nú níbí. Tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ bá ti ń ro ẹ́, ikùn ti tú sílẹ̀ nìyẹn, kúnlẹ̀.

BÓ BÁ LE JÙ: Ìgbọ̀nwọ́ lórí bẹ́ńṣì, tàbí orúnkún nílẹ̀. O tún lè ṣe 10 sẹ́kọ́ńdì, kó o sinmi fún 5, kó o tún bẹ̀rẹ̀.

BÓ BÁ TI RỌ̀ JÙ: Gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, kó o pààrọ̀ lẹ́yìn 15. Tàbí kó o dìde sórí àtẹ́lẹwọ́, ya ẹsẹ̀, máa fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kan èjìká òdìkejì láìjẹ́ kí ìbàdí mì.

KÁÀDÌ 5: Ìgbésẹ̀ sẹ́yìn (itan, ìdí, ìdúró ṣinṣin)

BÍ A ṢE Ń ṢE É: Gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn gbọọrọ, tẹ orúnkún méjèèjì títí ti ẹ̀yìn á fi súnmọ́ ilẹ̀, kó má fọ́ mọ́lẹ̀, kó o fi ẹsẹ̀ iwájú ti ara ẹ padà. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ kejì. Ẹ̀yìn la fi bẹ̀rẹ̀ torí pé ó rọ orúnkún lọ́rùn ju ti iwájú lọ.

BÓ BÁ LE JÙ: Di òpó gólù mú, lọ dé ìdajì.

BÓ BÁ TI RỌ̀ JÙ: Máa gbé ìgbésẹ̀ gígùn yìí lọ síwájú láti kóònù kan sí èkejì. Ìpele òkè: fò pààrọ̀ ẹsẹ̀ lófuurufú, tí ilẹ̀ bá gbẹ nìkan.

KÁÀDÌ 6: Súpámáànù (gbogbo ẹ̀yìn)

A ò ní irin tá a lè rọ̀ mọ́, ẹ̀yìn ò sì gbọdọ̀ wà láìṣiṣẹ́ nígbà tí àyà ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyí tí káàdì yìí fi wà.

BÍ A ṢE Ń ṢE É: Dojú bolẹ̀ lórí ẹní, na ọwọ́ síwájú, gbé ọwọ́, àyà àti ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò nílẹ̀, sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ilẹ̀ ni kí ojú máa wò, má gbórí sókè.

BÓ BÁ LE JÙ: Ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì, kó o pààrọ̀. Tàbí kó o rá sórí ọwọ́ àti orúnkún, kó o na ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ òdìkejì.

BÓ BÁ TI RỌ̀ JÙ: Dúró sókè fún sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta, kó o máa fa ìgbọ̀nwọ́ wá sí ìhà kí eegun palaba ẹ̀yìn súnmọ́ra.

KÁÀDÌ 7: Bíríìjì (ìdí àti ẹ̀yìn itan)

BÍ A ṢE Ń ṢE É: Fẹ̀yìn lélẹ̀, ká orúnkún, fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, gbé ìdí sókè títí ara á fi gún láti èjìká dé orúnkún.

BÓ BÁ LE JÙ: Gbé e dé ìdajì. BÓ BÁ TI RỌ̀ JÙ: Na ẹsẹ̀ kan, fi ìkejì gbé e, 15 sẹ́kọ́ńdì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

KÁÀDÌ 8: Bọ́ọ̀pì (gbogbo ara)

BÍ A ṢE Ń ṢE É: Lóṣòó, fi ọwọ́ lélẹ̀, fo ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn sí ìdúró púṣọ́ọ̀pù, fò ó padà, dìde, fò díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka iye tó o ṣe. Márùn-ún tó mọ́ dáa ju mẹ́wàá tí ìbàdí ń já wálẹ̀ nínú ẹ̀ lọ.

BÓ BÁ LE JÙ: Má fò rárá, ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, òsì sẹ́yìn, kó o dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o dìde. Ìpele ìsàlẹ̀ ni pé kí ọwọ́ wà lórí bẹ́ńṣì dípò ilẹ̀.

BÓ BÁ TI RỌ̀ JÙ: Fi púṣọ́ọ̀pù kan sí àárín, tó o bá ti lè ṣe ti ilẹ̀ lórí Káàdì 2.

KÁÀDÌ TÍṢÀ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rìn ká pápá kẹ́ ẹ tó to kóònù, ẹ ṣa àfọ́kù ìgò àti òkúta kúrò. Tí òjò bá ti rọ̀, kò sí fífò kankan lọ́jọ́ náà. Ẹ tẹ káàdì sórí ìwé A4, ẹ lámínéètì ẹ̀, kí lẹ́tà tóbi débi pé ọmọ á kà á lórí ìdúró.

Ẹ má yí ètò káàdì padà láìnídìí, a tò ó kí apá lè sinmi nígbà tí ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, Púṣọ́ọ̀pù àti Bọ́ọ̀pì ò sì gbọdọ̀ súnmọ́ra. Nínú ìṣẹ́jú 40, ẹ lo 7 fún ìnara, 18 fún ìyípo méjèèjì pẹ̀lú omi, 5 fún ìrìn wẹ́rẹ́ àti nínà iṣan, ìyókù fún aṣọ pípààrọ̀ àti ìwé. Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2: 30 sẹ́kọ́ńdì iṣẹ́, 30 sẹ́kọ́ńdì ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4: 35 sí 25. Ọ̀sẹ̀ 5 àti 6: 40 sí 20. Ìyípo kan ṣì máa jẹ́ ìṣẹ́jú 8. Lọ́jọ́ tí àkókò bá yí padà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan tún gòkè ìpele lọ́jọ́ kan náà.

Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, kí eré tó ń fún iṣan lókun sì wà nínú ẹ̀, ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kúláàsì wa kan lọ́sẹ̀ ò lè tó, torí náà ẹ ní kí wọ́n ṣe Káàdì 1, 2 àti 4 nílé lọ́jọ́ méjì míì. Ìpele tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà ni kó kọ sẹ́yìn ìwé ẹ̀, kì í ṣe iye tó ṣe, kẹ́ ẹ sì wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má kà á síta fún kíláàsì.