Ètò Àkọsílẹ̀ Iye Owó Ọjà Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́,

Nígbà ìkórè tó kọjá, ìròyìn dé pé ọjà ìlà-oòrùn ń ra kóńgò àgbàdo ní 600, nígbà tí ọjà tòsí wa ń rà á ní 510. A kó ẹrù, a san owó ọkọ̀, a lọ. Ìgbà tí a gbé kóńgò wọn lé òṣùwọ̀n la tó rí i pé kílò 1.9 ló gbà. Tiwa kò ju kílò 1.5 lọ. Nítorí náà, 316 ni kílò kan jẹ́ lọ́hùn-ún, ó sì jẹ́ 340 nílé. Ó dùn wá gan-an. Ìdí nìyí tí ètò yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣùwọ̀n kó tó kan owó.

Ohun tí a ó máa kọ

Irè mẹ́rin la ó fi bẹ̀rẹ̀: àgbàdo gbígbẹ, ẹ̀wà, tòmátì àti àlùbọ́sà. A ó máa kọ iye wọn ní ọjà mẹ́ta, àti iye tí àwọn alágbàtà ń san lẹ́nu oko. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni, láàárín agogo mẹ́jọ sí mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yẹ aago náà: tòmátì tí wọ́n rà láàárọ̀ àti èyí tí wọ́n ń ta kíákíá nírọ̀lẹ́ kó má baà bàjẹ́ kì í ní iye kan náà.

Iye tí olùtajà kọ́kọ́ dá kọ́ la fẹ́. Iye tí wọ́n fẹnu kò sí lẹ́yìn ìnájà, tí owó sì bọ́ sọ́wọ́, ni kí ẹ kọ. Ẹ dúró wo ìtajà márùn-ún lórí irè kọ̀ọ̀kan, lọ́dọ̀ olùtajà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Fọ́ọ̀mù

Ojú ìwé kan fún irè kan. Bí ó ṣe máa rí nìyí:

Ọ̀sẹ̀: 3
Ọjà: ìlà-oòrùn
Irè: àgbàdo gbígbẹ
Ipò rẹ̀: ó gbẹ dáadáa, kò ní kòkòrò
Ohun ìwọ̀n: kóńgò, kílò 1.9
Iye tí wọ́n san: 580, 600, 600, 610, 650
Iye àárín: 600
Iye kílò kan: 316
Àkíyèsí: òjò rọ̀ láàárọ̀, ọkọ̀ méjì péré ló dé
Olùkọ̀wé: nọ́ńbà 4

Iye àárín ni èyí tó bọ́ sí ipò kẹta bí a bá to márààrún láti kékeré dé ńlá. Ẹnì kan tó rà á ní ọ̀wọ́n gógó kò ní lè fà á sókè. Bí irè kan kò bá sí lọ́jà, ẹ kọ KÒ SÍ. Ẹ má mú iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá dí àlàfo láéláé. Irọ́ ni, bó ti wù kó sún mọ́ òótọ́ tó.

Ta ni yóò ṣe kí ni

Olùkọ̀wé méjì ni yóò wà fún ọjà kọ̀ọ̀kan, wọn ó máa gba ọ̀sẹ̀ ṣe. Alábòójútó ni yóò máa pe àgbẹ̀ márùn-ún tó tajà lọ́sẹ̀ náà fún iye ẹnu oko. Ẹni tó ń ra irè kan tà kò gbọdọ̀ kọ iye irè náà. Owó ọkọ̀ àwọn olùkọ̀wé yóò pé, yálà ọjà gbówó lórí tàbí ó já wálẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò tẹ iye sínú kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn yóò sì máa ka fọ́ọ̀mù sí i létí bó ti ń tẹ̀. Kílò wà ní C, iye márùn-ún ní D dé H:

```
I2: =MEDIAN(D2:H2)
J2: =I2/C2
```

Àyẹ̀wò

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù, kí olùkọ̀wé kọ̀ọ̀kan gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo sórí òṣùwọ̀n, kó kọ ìwọ̀n rẹ̀, kó wá bu omi tó mọ́ lítà 5 sí i. Kílò 5 ló yẹ kó fi kún un. Bí ó bá yàtọ̀ ju gíráàmù 100 lọ, ẹ dá òṣùwọ̀n náà padà.

Bí iye kílò kan bá fi ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, alábòójútó yóò pe olùkọ̀wé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kò ní pa iye náà rẹ́. Yóò kọ ohun tó fà á sí abẹ́ àkíyèsí. Yóò tún máa ṣẹ́ gègé mú ọjà kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó lọ fúnra rẹ̀ ní wákàtí kan náà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ìjókòó la ó fi yanjú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sùn. Ọdún mẹ́ta la ó tọ́jú àwọn fọ́ọ̀mù.

Bí iye yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, iye kílò kan yóò wà lára pátákó ẹgbẹ́ àti lórí fóònù gbogbo wa. Iye tí ọjà ti san ni. Kò fi dandan lé ẹnikẹ́ni láti tà bẹ́ẹ̀. Kí oníkálùkù yọ owó ọkọ̀ kúrò kó tó pinnu ibi tí yóò gbé ẹrù lọ. A kò ní kọ orúkọ olùtajà tàbí olùrà sílẹ̀ rárá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ wà fún ìdánwò. Kí àwọn olùkọ̀wé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá sí gbọ̀ngàn ní Ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí kálukú mú kóńgò kan wá láti ọjà tí yóò máa lọ, ká lè jọ wọ̀n ọ́n.

Akọ̀wé ẹgbẹ́