Ìpinnu Alákọsílẹ̀ Àwọn Olùdarí lórí Ilé Ìkẹ́rùsí

Ẹ̀yin olùdarí márààrún, mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ lónìí, ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, dípò ìpàdé ojúkojú, torí àdéhùn ilé ìkẹ́rùsí wa yóò parí ní ọjọ́ 30, méjì nínú yín sì wà lẹ́yìn odi. Ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ wa gbà á láàyè, bí gbogbo olùdarí tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò bá fọwọ́ sí i.

Àwa tí a fọwọ́ sí ìwé yìí pinnu pé:

1. Kí a tún ilé náà gbà fún ọdún 3, ní iye owó tí a ń san tẹ́lẹ̀, kí onílé sì tún òrùlé tó ń jò ṣe kí a tó san kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kéré èyí: páálí ọjà 46 ni òjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bà jẹ́ lọ́dún tó kọjá.

2. Kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí àdéhùn náà lórúkọ ilé-iṣẹ́.

Olùdarí ètò ìnáwó ti jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ló nilé. Kò ní dìbò. Yóò kàn kọ “Mo ti rí i” síwájú ipò rẹ̀.

Olúkúlùkù lè fọwọ́ sí ẹ̀dà tirẹ̀. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn. Ọjọ́ tí ìbuwọ́lù ìkẹyìn bá wọlé ni ìpinnu yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí kò bá pé di agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18, ó di òfo, a ó sì pe ìpàdé. Ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i gan-an ni kí ẹ kọ.

Akọ̀wé Ilé-iṣẹ́