Kí àyè tó ṣí: ọ̀gá fákítọ́rì kan láti Ṣàgámù fẹ́ kí ẹ mọ òun

Mákun, Ṣàgámù,
Oṣù Kejì, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi àpọ́nlé,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrìnkèrindò. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má rántí mi. Lẹ́yìn Ojúde Ọba tó kọjá, níbi àpèjẹ régbérégbé yín n'Íjẹ̀bú-Òde, èmi ni mo jókòó sápá òsì yín, tí ẹ bi mí bóyá lóòótọ́ ni àwọn fákítọ́rì wa ní Ṣàgámù ń fi gáàsì ṣiṣẹ́. Ẹnu mi ò tíì kúrò níbẹ̀ tí onílù fi dé orí wa. Mo ní kí n parí ọ̀rọ̀ náà, ní èdè tí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀ yín fún iṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn iléeṣẹ́ tó rán yín níṣẹ́ ló ń sanwó fún yín, àti pé ènìyàn lẹ ń bá iṣẹ́ wá, ẹ kì í bá ènìyàn wáṣẹ́. Bí kò bá sí àyè kankan lọ́wọ́ yín lónìí, kò bà mí nínú jẹ́. Mo kàn fẹ́ kí orúkọ mi àti ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe wà nínú ìwé yín, kí ọjọ́ tí ẹnìkan bá wá bá yín pé fákítọ́rì òun ń jẹ owó ju bó ti ń pa á lọ, kí ẹ ti mọ ẹni tí ẹ lè pè.

Ọmọ ọdún 46 ni mí. Ẹnjinníà ẹ̀rọ ni mo kọ́. Ó ti di ọdún 21 tí mo ti wà nídìí ṣíṣe oúnjẹ ní fákítọ́rì. Ṣíìfì alẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìdìpọ̀ ṣe. Láti ọdún 6 sẹ́yìn, èmi ni mò ń darí gbogbo iṣẹ́ fákítọ́rì méjì tí a ti ń ṣe bisikíìtì àti núdù, ọ̀kan ní Ṣàgámù, èkejì ní apá Ògíjo. Òṣìṣẹ́ 640 ló wà lábẹ́ mi. Ọ̀gá àgbà nìkan ni mò ń jábọ̀ fún, èmi náà sì ni mo máa ń gbé ìṣúná fákítọ́rì lọ síwájú ìgbìmọ̀ olùdarí, tí mo sì máa ń dúró níbẹ̀ gba èébú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ gáàsì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ní 2022, nígbà tí dísù gbówó lórí, nínú náírà kọ̀ọ̀kan tí a ń ná ní fákítọ́rì, kọ́bọ̀ 23 ló ń bá iná àti epo lọ. Oṣù Kẹfà 2023 dé, ìjọba tú náírà sílẹ̀, àlìkámà tí a ń fi dọ́là rà di ọ̀wọ́n gógó. A ò tíì mí kanlẹ̀ tí oṣù Kẹrin 2024 fi dé, tí iná ìjọba fún àwa tí a wà ní ipele àkọ́kọ́ fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225 lórí ẹyọ kan. Àwọn kan ní kí a dá òṣìṣẹ́ dúró. Èmi sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fún mi ní oṣù 9. Mo gbé ààrò méjèèjì tó tóbi jù lọ sórí gáàsì, mo da ìdáná bisikíìtì sí òru àti òwúrọ̀ kí ààrò má baà máa tutù kí ó tún máa gbóná, mo sì ní kí olórí ṣíìfì kọ̀ọ̀kan máa ka mítà fúnra rẹ̀. Lónìí kọ́bọ̀ 14 ni. Fláwà tó ń ṣòfò lórí ilẹ̀, tí ó jẹ́ àpò 6 nínú 100 tẹ́lẹ̀, kò pé 3 mọ́. A ò lé ẹnikẹ́ni.

Mítà yẹn ló ṣe é ju gáàsì lọ, bí ẹ bá bi mí. Ẹni tó bá ń ka mítà fúnra rẹ̀ kì í fi iná sílẹ̀ lásán.

Kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: ní 2021, mo fọwọ́ sí ríra ẹ̀rọ ìdìpọ̀ tòkunbọ̀ kan, nítorí pé ó rọjú, láìbéèrè ibi tí a ó ti máa rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Oṣù 5 ló fi jókòó láìṣiṣẹ́. Èmi ni mo ṣàṣìṣe náà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Láti ìgbà náà, mi ò ra ẹ̀rọ tí mi ò kọ́kọ́ bá ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́ sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ méjì ni mo lè fi èyí tí mo wà lọ́wọ́ sílẹ̀ fún. Àkọ́kọ́ ni igbákejì ọ̀gá àgbà tí gbogbo fákítọ́rì, ríra ohun èlò àti kíkó ọjà jáde wà lábẹ́ rẹ̀, ní iléeṣẹ́ oúnjẹ tàbí ohun mímu tó ní fákítọ́rì méjì sókè. Èkejì, tó wù mí jù, ni ọ̀gá àgbà fún iléeṣẹ́ ìdílé kan, irú èyí tí bàbá dá sílẹ̀, tí àwọn ọmọ fẹ́ kí àjèjì wá darí rẹ̀ kí àwọn lè jókòó sí ìgbìmọ̀. Ìlú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kún fún irú rẹ̀. Mo mọ bí a ṣe ń bá bàbá tó ṣì ń wá sí fákítọ́rì láràárọ̀ sọ̀rọ̀, tí kò ní gbà pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ òun.

Èyí tí mi ò lè ṣe: iṣẹ́ ọjà títà lásán, sìmẹ́ńtì àti irin, àti ipò ọ̀gá àgbà tí ẹni tó ni iléeṣẹ́ yóò ṣì máa fọwọ́ sí sọ́wédowó gbogbo. Ṣàgámù ni ilé mi, ìyàwó mi sì ń kọ́ni ní Rẹ́mọ níbí, ṣùgbọ́n Èkó, Ọ̀tà àti Ìbàdàn kò jìnnà sí mi. Fún òkè Ọya, ọdún 3 ni mo lè fi ṣe é, bí àyè náà bá tóbi.

Owó tí mò ń gbà lọ́dún, pẹ̀lú owó ìparí ọdún, jẹ́ mílíọ̀nù 54 náírà, ọkọ̀ wà lọ́tọ̀. Oṣù 3 ni ìwé àdéhùn mi ní kí n fi sọ tẹ́lẹ̀ kí n tó lọ.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ mi kò mọ̀ pé mo kọ lẹ́tà yìí. Sí-fíì mi wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi han ẹnikẹ́ni kí ẹ tó pè mí, kí ẹ sì sọ orúkọ iléeṣẹ́ náà fún mi. Bó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ tí mo wà yìí wà lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún yín, tí ẹ kò sì gbọdọ̀ mú ènìyàn níbẹ̀, ẹ kàn sọ fún mi, yóò yé mi.

Bí ẹ bá sì ń wá olórí ìtọ́jú ẹ̀rọ tàbí ẹni tó mọ ọ́dítì oúnjẹ dunjú, ẹ pè mí náà. Mo mọ púpọ̀ nínú wọn káàkiri fákítọ́rì ilẹ̀ Rẹ́mọ, mo sì lè sọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó kàn ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn aago 8 alẹ́ ni mo máa ń dá wà. Nọ́mbà mi wà lórí sí-fíì. Mo ní iṣẹ́ l'Ékòó ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì oṣù tó ń bọ̀, bí ẹ bá lè fún mi ní ìṣẹ́jú 20, mà á yà.

Èmi àbúrò yín,
Adéṣínà